Aago Tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sọ́wọ́ Mi

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rò pé ìbéèrè ló le. Ìbéèrè ò le. Aago wà lọ́wọ́ mi, mi ò wò ó.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ni aago náà. Ọmọ olóbì ni, láti àdúgbò Ẹ̀pẹ́ níbí ní Ṣàgámù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣòwò obì. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan, iṣẹ́ náà sì wà lẹ́mìí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni kò pé. Gọ́fúmẹ́ǹtì, ẹ̀kọ́ òfin àti ìjọba, nìkan ló kù tí yóò yege nínú rẹ̀. Ìyá tó ni ilé-ìwé ti sọ fún un pé bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, òun á gbé kíláàsì náà fún ẹni tí ìwé tirẹ̀ pé.

Èmi ń bá ẹ̀gbọ́n mi tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá Intaṣéńjì, oríta márosẹ̀, nígbà náà. Mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n wá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà pẹ̀lú òun, kí òun má dá lọ sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Kò pe orúkọ mi rí, torí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ. Látọjọ́ tó ti wọlé wa ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé, nígbà tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di kálámù mú. Àwàdà ni. Òun náà ló sì jókòó tì mí títí mo fi mọ̀ ọ́n kọ.

Tíṣà wa ní lẹ́sìnnì, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ti Ìkẹ́nnẹ́ wá, kò fi bẹ́ẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú nípa òfin àti ìjọba. Pínpín àkókò ló ń rọ́ sí wa létí. Wákàtí mẹ́ta ni ìdánwò náà. Ìbéèrè kìn-ín-ní, tó jẹ́ dandan, gba ogójì máàkì. A ó mú mẹ́ta sí i nínú èyí tó kù, ogún máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ láti ka ìbéèrè, kí ẹ sì to kókó yín sí ẹ̀yìn ìwé," ló wí. "Ẹ yọ mẹ́wàá sílẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn. Èyí tó kù, ẹ fi máàkì pín in."

Ó kọ ọ́ sójú pátákó: ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fún ti dandan, méjìlélọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù.

"Bí àkókò ìbéèrè kan bá pé ńkọ́, tí mo ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ?" Èmi ni mo bi í.

"Fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí o sì máa lọ. Máàkì márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè tuntun rọrùn ju méjì ìkẹyìn nínú ti àtijọ́ lọ. Àbí ìwọ fẹ́ gba ọgbọ̀n nínú ogún?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló rẹ́rìn-ín jù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò nílé, aago ló ba nǹkan jẹ́ fún un. Yóò kọ ìlà méjì, yóò wo ọwọ́. Yóò kọ ìlà kan, yóò tún wò ó. Á gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ń kọ bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ aago náà, ó fi í sí iwájú mi.

"Akọ̀wé, gbà. Nǹkan yìí ń lé mi kiri. Máa bá mi wò ó."

"Báwo ni mo ṣe máa sọ fún yín nínú gbọ̀ngàn, Àǹtí? Wọ́n á lé wa síta."

"Má sọ nǹkan kan. Iwájú mi lo máa jókòó sí. Tó bá ti tó, gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn ọrùn bí ẹni tí ọrùn ń ro. Ó ṣáà máa ń ro ẹ́ tí mo bá ní kí o fọ abọ́."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo fọwọ́ kan ọrùn, ó ṣí ojú ewé tuntun. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, iwájú rẹ̀ ni mo bọ́ sí lóòótọ́, nítorí nọ́ńbà wa tẹ̀ léra. Aago mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀. A to kókó wa, a kọ ti dandan. Nígbà tó di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn. Mo gbọ́ tó ṣí ìwé lẹ́yìn mi.

Ìbéèrè tí àwa méjèèjì fi ṣe ìkejì dá lórí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kókó márùn-ún ni wọ́n béèrè. Mo mọ mẹ́sàn-án. Mo sì rántí ọ̀nà tí wọn ò tún ṣe ládùúgbò wa, mo rántí ọjà, mo rántí gọ́tà. Ìwé mi kún. Mo nawọ́ sókè fún ìwé àfikún, gbogbo gbọ̀ngàn wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè! Èmi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè ní ọmọ mẹkáníìkì. Mi ò wo aago mọ́ níbi tí mo ti ń kọ. Orí mi wú.

Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni ohùn alámòójútó: "Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

Mo wo aago. Mọ́kànlá ààbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mo ti fi sórí ogún máàkì. Mo ju ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn, ṣùgbọ́n ta ni ìyẹn fẹ́ ràn lọ́wọ́? Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí kálámù rẹ̀ dúró. Ó ti ń retí ọwọ́ mi látàárọ̀, ó sì ti ń kọ ọ́ lọ ní tirẹ̀, ó gbà pé àkókò ò tíì tó.

Èmi to kókó sílẹ̀ ṣókí ṣókí fún méjì tó kù, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkọ̀wé mi burú, ṣùgbọ́n ó yá. Tirẹ̀ kò yá. Ìkọ̀wé ẹni tó ń kọ A, B, D sójú pátákó fún ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó rọra ń lọ, ó rẹwà. Nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wa, mo rí tirẹ̀ lórí tábìlì. Ìbéèrè kẹta ò dé ìdajì. Nọ́ńbà ìkẹrin nìkan ló kọ, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀.

Níta, ó wo ojú mi. Mo ní, "Àǹtí..." Ó ní, "Jẹ́ ká wá ọ̀kadà, oòrùn mú."

Nígbà tí èsì jáde, mo yege, ní ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń pè ní yíyege. Òun ò yege. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìwọ tó mọ̀ ọ́n ju ọmọ yìí lọ. Mo wà níbẹ̀. Mo la ẹnu.

"Ìbéèrè ló le," ló wí, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo pa ẹnu dé.

Wọ́n gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì wà nílé-ìwé yẹn o. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ tọ̀, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn, nígbà tí ẹlòmíràn ń kọ A, B, D. Mo ní ká tún forúkọ sílẹ̀, mo ní èmi á kàn jókòó tì í. Ó ní òun ti gbọ́. Kò forúkọ sílẹ̀.

Kò gba aago náà padà. Bó bá ń dáná nírọ̀lẹ́, á ké sí mi láti ilé ìdáná, "Akọ̀wé, aago mélòó ló lù?" Orúkọ yẹn ni ì bá ti fi sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Mo máa ń dá a lóhùn kíá, kó tó bi mí tán. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì tí mo fi kọjá méjìlélọ́gbọ̀n ni mo jẹ ẹ́, àti gbólóhùn kan tí mi ò tíì sọ létí ẹ̀gbọ́n mi.