Lẹ́tà Nípa Owó Áàpù Ìyàwó Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, lórí ibùsùn ọsibítù ní Sokodé, ìyàwó mi ń tẹ fóònù rẹ̀. Áàpù tó fi ń kọ́ bí a ṣe ń ka Faransé ló ṣí. Ó ní, "Mo ti fagi lé e. Wọn ò ní gba owó oṣù tó ń bọ̀." Ọjọ́ kejìlá ló kú. A sin ín ní Kambolé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n gba owó náà lórí káàdì rẹ̀, níbi tí owó àdúrà ogójì ọjọ́ wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń bójú tó owó àdúrà.

"Àìsàn ti dà á lórí rú," ni ó wí. "Kò fagi lé nǹkan kan."

"Ó sọ fún mi, ìyá."

"Ó sọ fún ẹ pé ara òun ń yá náà."

Owó náà ò tó nǹkan. Mi ò kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di irọ́.

Mo rí ìwé ìfagilé nínú ímeèlì rẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú rìsíìtì owó tí wọ́n gbà. Mo gbé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Tchamba kí wọ́n lù wọ́n ní òǹtẹ̀. Ta ni yóò gba ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ gbọ́? Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá obìnrin tó ń tẹ lẹ́tà fún aráyé ní Kouloundè.

Ó rẹ́rìn-ín. "Tonton, ta lẹ fẹ́ fi òǹtẹ̀ yìí hàn? Nọ́ńbà rìsíìtì ni wọ́n ń béèrè."

Mo sọ ohun tí mo fẹ́, ó fi Faransé kọ ọ́ sí àwọn tó ni áàpù náà: ọjọ́ kẹsàn-án ni a fagi lé e, ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹ gba owó, ẹ dá a padà, ẹni tó ni ín ti kú. Ó fi "ẹ jọ̀wọ́" kún un, ó ya fọ́tò ìwé méjèèjì mọ́ ọn.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó wọ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kà. Lóòótọ́, wọ́n rí ìfagilé ọjọ́ kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá, láti orí fóònù kan náà, ẹnì kan tún un bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní dá owó padà.

Mo rántí. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo ṣí áàpù náà kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń ka ẹ̀kọ́. Àpótí ọ̀rọ̀ kan bo ojú fóònù náà. Mi ò kà á. Mo tẹ̀ ẹ́ kó lè kúrò.

Mo mú èsì náà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọjọ́ kẹsàn-án sí i létí.

"Ta ló wá tún un bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi ni. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. "Ohùn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ tán, mo tún fagi lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ka gbogbo rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé áàpù náà yóò tì ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀.