Ọgbà Tí Bàbá Mọ

Bàbá Òdiwọ̀n là ń pe ayàwòrán-ilé àdúgbò wa. Téèpù tó fi ń wọn ilẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀, àfi bí ó bá fẹ́ wẹ̀. Tí ó bá ń bá èèyàn tọrọ ìwé àṣẹ ìkọ́lé, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà tí yóò ṣáájú àwòrán, àti àkópọ̀ iṣẹ́: bí ilé ṣe tóbi tó, ohun tí a ó fi kọ́ ọ, bí ògiri ṣe jìnnà sí ààlà tó. Ó máa ń pariwo mọ́ àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má fi ọgbà hàn mí! Òpó sìmẹ́ńtì tí sọfèyọ̀ rì mọ́lẹ̀ ni ààlà."

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Orókún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bàjẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé bàbá wọn ló ń gbé, kò sì lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Yàrá kan péré, mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, ni wọ́n fẹ́ fi kún ìsàlẹ̀. Bàbá Òdiwọ̀n wọn ilẹ̀ dé ara ọgbà, torí òun gan-an ló ru búlọ́ọ̀kù fún bàbá wọn nígbà tí ó ń mọ ọ́n. Ó kọ ọ́ sínú àkópọ̀ pé mítà mẹ́ta ni yóò wà láàárín yàrá náà àti ààlà, bí òfin ṣe wí. Inú rẹ̀ dùn jọjọ.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ètò ìlú tó gba ìwé náà fi rúlà sórí àwòrán sọfèyọ̀, iye náà kò bá ti inú àkópọ̀ mu. Ó wá wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ro koríko, wọ́n bá òpó náà nínú ọgbà níbẹ̀, ó fi mítà méjì jìnnà sí ògiri ọgbà.

"Bàbá, orí ilẹ̀ aládùúgbò yín ni ọgbà yìí wà. Mítà kan ló kù fún yín, ẹ sì kọ mẹ́ta. Mi ò lè fọwọ́ sí i. Ọgbà náà á sì kúrò níbẹ̀."

"Tí a bá dín yàrá náà kù ńkọ́?"

"Á ku mítà kan ní fífẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀dì á wọ ibẹ̀?"

Ojú ti Bàbá Òdiwọ̀n, àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń ṣe é.

Ó gòkè lọ sọ fún un. Ìyá àgbà náà kọ̀ jálẹ̀.

"Bàbá wa kì í ṣe olè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Àmọ́ òpó yẹn wà níbẹ̀."

"Gbé mi sọ̀kalẹ̀. Jẹ́ n wo ọgbà náà kí wọ́n tó wó o."

Ó pọ̀n ọ́n, ó ń di ògiri mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ní ìsàlẹ̀, ìyá náà fọwọ́ pa búlọ́ọ̀kù náà lára díẹ̀, ó wá bojú wo àtẹ̀gùn.

"Àbúrò, ta ni yóò gbé mi padà?"

Bàbá Òdiwọ̀n jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó ń wá èémí. Ẹni àádọ́rin ọdún lòun náà.