Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìṣọ́ Ni Ilẹ̀kùn Náà Wà

Ìyá Lẹ́sẹẹsẹ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ó kórìíra ìrìn rúdurùdu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ọkọ̀ gbé àlejò káàkiri ìlú ńlá kan tí odò là sí méjì. Àwọn ibi tó bá múlé ti ara wọn, lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò mú àlejò yí wọn ká, yóò sì kọ́kọ́ lọ síbi tí wọn yóò tètè tì. Ó gbà pé Ẹlẹ́dàá tó ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ kò fẹ́ ìdàrúdàpọ̀.

Lọ́jọ́ náà, bàbá arúgbó kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin, àti opó tí àbúrò wọn ọkùnrin tó ti kú fi sílẹ̀ ni ó gbé. Bàbá fẹ́ gun ilé ìṣọ́. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ rí adágún tó wà lódì kejì odò. Ohun kan ṣoṣo ni opó náà tìtorí rẹ̀ wá: ilẹ̀kùn tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́, tó ti di ohun àfihàn nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀la ni ẹbí náà yóò sì padà sílé.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ilé ìṣọ́, tí Bàbá ní dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ gùn, Ìyá Lẹ́sẹẹsẹ ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká yà sílé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Ká tó lọ sí adágún ká tó bọ̀, wọ́n á ti tì í.”

“Àgbà ló ń ṣíwájú,” ni Bàbá wí bó ṣe ń wọnú ọkọ̀. “Mo ti rí tèmi, ó kan àbúrò mi. Ṣé ìyàwó ló máa ṣáájú ọmọ ilé ni?”

“Bàbá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá ò mọ àgbà.”

“Ẹnu ẹ mà mú o! Awakọ̀ ni ẹ́ àbí agbẹjọ́rò?”

Opó náà tẹrí ba. “Ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò burú.”

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yìí ni ó dá iná ìbínú sí awakọ̀ náà lọ́kàn. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

“Ó burú! Ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni Ísírẹ́lì fi ogójì ọdún yí ká nítorí oríkunkun! Ọmọ ìyá yín ló gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, Bàbá! Ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ wá ń to èèyàn bí ẹni tó ń pín ẹran!”

“Mo máa fẹjọ́ ẹ sun ọ̀gá ẹ! Wọ́n á lé ẹ dànù!”

“Ẹ fi sùn!”

Bí ariwo ti ń lọ, opó náà ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọlé.

Àbúrò Bàbá wò ó títí. “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò wa mà ni.”

“Jókòó síbẹ̀!”

“Mi ò jókòó. Adágún ò ní gbẹ kí n tó débẹ̀.”

Nínú ilé náà, ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, nítorí náà ni opó náà ṣe na àtẹ́lẹwọ́ sí i láìkàn án. Àbúrò Bàbá dúró tì í, ó ń sunkún, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun kò tètè sọ̀rọ̀.

Lóde, Bàbá yí gíláàsì ọkọ̀ sókè, ó jókòó sínú ooru, ó dijú. Ìyá Lẹ́sẹẹsẹ dúró síta, ọkàn rẹ̀ ṣì ń hó. Ó gbàdúrà kí ìbínú náà lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n kò kan gíláàsì náà láti bẹ Bàbá.