Fọ́tò Tó Gba Pápá Yídì Sílẹ̀

Àwọn tó dé Kùtọnú lánàá òde yìí, wọn ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ń rìn gba pápá Yídì kọjá bí ẹni pé bàbá wọn ló fi í ṣogún sílẹ̀ fún wọn, wọn ò sì mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ó di ibi tí wọ́n ń da ekùrọ́ sí. Fọ́tò kan ló gbà á sílẹ̀, Mùílíù ayafọ́tò ló sì yà á.

Ọmọ Nàgó ni Mùílíù, ó ga bí òpó, ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan ní Gbégamey. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ayé ìgbà yẹn dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Iyanrìn ló pọ̀ jù nínú ìlú, èèyàn lè dúró lẹ́nu ọ̀nà Mùílíù kí ó máa gbọ́ ìró òkun, obìnrin tó bá fẹ́ ya fọ́tò yóò sì ti wẹ̀, yóò ti lé tìróò, yóò jókòó bí ayaba títí Mùílíù yóò fi jáde lábẹ́ aṣọ dúdú tó fi ń bo ara rẹ̀ mọ́ kámẹ́rà. Níbo la ti fẹ́ rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ mọ́?

Nígbà tó ku ọdún bíi mẹ́fà kí Dahomey gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, oníṣòwò kan lọ bẹ Kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, pé kí ó fún òun ní pápá Yídì kí òun fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí fún ekùrọ́. Kọmándà rán akọ̀wé kan lọ wo bí èrò ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ ọdún, akọ̀wé dé, ó ní wọn ò ju ẹgbẹ̀rin lọ. Kọmándà wá ránṣẹ́ sí àwọn Mùsùlùmí: bí wọn ò bá lè fi hàn pé àwọn ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, kí wọ́n pín ara wọn sí àwọn mọ́ṣáláṣí ìlú, pápá ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ká Álífà Wàhábì lára, àgbàlagbà tó ń ta aṣọ ní ọjà Missèbo, nítorí òun àti bàbá rẹ̀ ló gé igbó ibẹ̀. Ó pe Mùílíù, ó ní kí ó lọ fi kámẹ́rà gbèjà àwọn.

Lọ́jọ́ Iléyá, Mùílíù gun òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Kò lè bá wọn kírun. Bí lèmọ́mù bá ti sálámà tán báyìí, àwọn kan ti ń ká ẹní wọn, wọn kì í dúró gbọ́ wáàsí, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá sì wà lórí ìforíkanlẹ̀, ẹ̀yìn nìkan ni kámẹ́rà yóò rí. Àsìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó nínú ìrun, tí orí wà lókè, ló gbọ́dọ̀ mú. Ó mú un. Ó tẹ̀ ẹ́ tóbi bí àwo ìgbàlejò.

Igi àgbọn ni wọ́n gbìn lọ́gbọọgba sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá. Mùílíù fa ìlà láti igi kan sí ìkejì rẹ̀ lódìkejì, nítorí ó mọ̀ pé ohun tó jìnnà máa ń kéré nínú fọ́tò: ìlà tó jìnnà sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà láàárín wọn dọ́gba. Àlàfo mẹ́jọ ló jáde láàárín àwọn ìlà náà, ó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún, gbogbo rẹ̀ di ogójì àpótí. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ka àpótí kan níwájú, lẹ́bàá lèmọ́mù. Àádọ́rùn-ún èèyàn. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po ogójì, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta. Inú Álífà dùn débi pé ó pa àgbò kejì.

Mùílíù gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Séverin, ọmọ Gùn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, kí ó bá òun wò ó. Séverin wò ó títí, ó ní ìlà náà dára, kíka ni kò dára. Ó ní níwájú ni gbogbo èèyàn ti ń wá ìbùkún, wọ́n fún ara wọn pa síbẹ̀. Akọ̀wé Kọmándà sì lọ ka etí pápá, níbi tí oòrùn ti ń jó èèyàn, ogún ni ó rí ní ilẹ̀ tó tó àpótí kan, ó sì fi ìyẹn ṣírò gbogbo pápá. Ìwọ àti akọ̀wé, ó ní, ibi tó wù yín lẹ ti kà.

Wọ́n wá jókòó tì í. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù sàmì sí àpótí tó kún fọ́fọ́, méjìlá. Èyí tó kún díẹ̀, mẹ́rìndínlógún. Èyí tó ṣófo díẹ̀, méjìlá. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wọ́n ka àpótí mélòó kan níbi tó jìnnà síra, wọ́n wá ìpíndọ́gba rẹ̀. Ibi àwọn obìnrin lẹ́yìn ló fẹ́ dà wọ́n láàmú. Mùílíù ń ka agbòòrùn kan sí obìnrin kan. Ìyàwó rẹ̀ Sìdíkàt gbé omi wá fún wọn, ó yẹjú wo fọ́tò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé wọ́n rò pé ta ló ń dá agbòòrùn bo orí ara rẹ̀ ní Yídì? Ó tọ́ka sí ti Látífàt ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dárúkọ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tọ́ka sí ti àwọn ojúlùmọ̀ mìíràn, ó sì jáde sí ẹni mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n fi mẹ́ta sí i. Àpótí tó kún jẹ́ àádọ́rùn-ún, èyí tó tẹ̀lé e márùndínlọ́gọ́ta, èyí tó ṣófo ogún. Gbogbo rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba.

Ẹ̀rù ba Mùílíù. Kò ju ibi tí Kọmándà pa láàlà sí lọ púpọ̀. Álífà gbọ́, ó bínú, ó ní Mùílíù ti ta èèyàn ẹgbẹ̀rún àti irínwó fún òyìnbó. Mùílíù dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí wọ́n bá ní ká ka àpótí mìíràn lójú wọn, ti tẹ́lẹ̀ yẹn á dójú tì wá."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò dé iwájú Kọmándà. Kọmándà fi ìka kan àpótí kan láàárín, ó ní kí akọ̀wé òun kà á. Mùílíù ní yóò tó márùndínlọ́gọ́ta. Akọ̀wé kà á, ó fẹjú mọ́ awò, ó tún un kà: mẹ́tàléláàádọ́ta. Kọmándà ti fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní pápá di tiwọn, ṣùgbọ́n ní gbogbo Iléyá kí wọ́n mú fọ́tò tuntun wá. Ọdún tí wọ́n bá dín ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó parí.

Ló bá di pé ọdọọdún ni Mùílíù ń gun òrùlé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ agbádá, wọ́n á tò, wọ́n á forí kanlẹ̀ pọ̀. Òun á wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀, ìró "Àmín" á máa ti ìsàlẹ̀ gòkè wá bá a. Ó dùn ún o. Ó máa ń dùn ún ju bó ṣe ń sọ lọ.

Òmìnira dé, Kọmándà di ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ. Iléyá tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó béèrè fọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mùílíù dé Yídì lọ́wọ́ òfo, ó ń wá ibi tí yóò dúró sí lẹ́yìn, nítorí kò ní ààyè kankan níbẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára. Álífà Wàhábì, tó ti darúgbó, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ ìbínú yẹn, rí i láti iwájú. Ó rán wọn sí i pé kí ó máa bọ̀. Ó sún ẹní rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Mùílíù," ó ní, "gbogbo ọdún tó o fi ń kà wá yìí, a ò pé rí. Ìwọ lo ń dín."

Lèmọ́mù kábàrá. Mùílíù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pẹ̀lú àwọn yòókù, ojú rẹ̀ kún fún omi, kò nù ún.