Pátákó MA GBA IBI

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú mi ní àlùjánnà, n óò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sè é. Ó lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ìgbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba tí owó oṣù àwa tíṣà sì ń pẹ́ kó tó dé, gbájúẹ̀ pọ̀ níta ju olóòótọ́ lọ. Ẹnì kan ti gbé ìwé tó ní òǹtẹ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n mi rí, ó ń ta pápá ìṣeré ilé ìwé wa fún un.

Èdè Lárúbáwá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Ìwó. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ọkùnrin gíga kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì kí mi ní Lárúbáwá. Lárúbáwá rẹ̀ dá ṣáká ju tèmi lọ, ìyẹn nìkan sì ti tó láti bí mi nínú. Ó ní Ṣúwà lòun, ẹ̀yà tó ń sọ Lárúbáwá ní ìhà Màídúgùrì, ọkọ̀ akẹ́rù lòun ń wà, òun sì ń wá ra obì ní Kúta àti Ilé-Ogbó. Lemọ́mù mọ́ṣáláṣí gáréèjì ló júwe ilé mi fún un. Ó ní òun mọ ábídí díẹ̀, òun lè da ọ̀rọ̀ ara pátákó ojú ọ̀nà kọ bí òun ṣe rí i, àmọ́ kí òun tó pe ọ̀rọ̀ kan tán, ọkọ̀ òun á ti kọjá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ó fa ìwé àjákọ kan yọ lápò jalabíà rẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ kí o bá mi kọ ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ní Lárúbáwá. Bí mo bá tún rí wọn lójú ọ̀nà, n óò ti mọ̀ wọ́n."

"O" ló pè mí. Mo mọ̀ pé Lárúbáwá kò ní "ẹ" fún àgbà. Àtọba àtọmọ ọwọ́, "anta" ni. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọ. Síbẹ̀ ó dùn mí díẹ̀.

A jókòó sí pálọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní nínú ìwé náà. Ó ti ya àmì onígun mẹ́ta, ó ya ọ̀nà tó wọ́ bí ejò sínú rẹ̀. Ó ti da èyí tí ìjọba fi Gẹ̀ẹ́sì kọ pé afárá tóóró wà níwájú kọ. Mo kọ ìtumọ̀ wọn fún un láìjanpata. Ìgbà tí mo ṣí ojú ìwé kejì ni ara fu mí. ILE YI KII SE FUN TITA ló wà níbẹ̀. SORA FUN AJA tẹ̀ lé e. Awakọ̀ wo ló ń da ohun tó wà lára ògiri ilé onílé kọ, tó tún ń béèrè ilé tó lájá?

Mo bi í pé, "Èwo lèyí kàn ọ́ ní tìrẹ?"

Ó ní òun rí i pé ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ gbogbo ìkìlọ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà gbogbo ohun tí òun bá ti rí tó pupa, òun á dà á kọ. Ó ní òun ti dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé tí kò wà fún títà yẹn, òun ń wá ewu tó wà níwájú, òun kò rí i, títí onílé fi jáde wá béèrè iye tí òun fẹ́ san. Ìyàwó mi ń gbé omi bọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àlàyé náà gún régé jù, bẹ́ẹ̀ gbájúẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ tí kò gún régé.

Mo ń kọ ọ́ lọ, mo sì ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Ojú náà kò dúró síbi kan. Ó wo agogo ara ògiri mi, ó tún wò ó. Mo sọ nínú ara mi pé ó ti ń ka ẹrù ilé mi. Ó jọ pé àkókò ìrun ló ń wò, ṣùgbọ́n èyí kò wá sí mi lọ́kàn rárá lọ́jọ́ náà. MA TO SIBI ló kàn. Mo kọ fún un pé kó má ṣe tọ̀ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó da ọ̀rọ̀ inú pátákó kan kọ, MA GBA IBI, pẹ̀lú ọfà kan tó kọrí sápá ọ̀tún. Ó ní oríta kan lẹ́yìn Kúta lòun ti rí i, níbi tí òun fẹ́ gbà lọ́la lọ sí abúlé kan tí òun kò dé rí.

Ẹni tó bá ń ka Yorùbá mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì ohùn sára pátákó. "Má gba ibí" ni kéèyàn má kọjá. "Máa gba ibí" ni kó kọjá, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi "a" kan ṣoṣo kọ ọ́. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì Lárúbáwá mọ èyí dáadáa. Mo rántí pé ó yẹ kí n bi í bóyá ohun kan dí ọ̀nà náà, bóyá ó rí ipa táyà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ ti lanu. Ó bá tún wo agogo mi. Ọfà yẹn náà sì jọ èyí tí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe máa ń fi darí ọkọ̀. Mo kọ "murra min hunā", ìyẹn ni pé kó máa gba ibẹ̀ kọjá. Mo pa ìwé dé, mo gbé e fún un. Ohun tí mo fẹ́ ni kó kúrò nílé mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó gbàdúrà fún mi púpọ̀ kó tó lọ. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi ní, "Alùfáà, ṣé ẹ ti ka ṣíbí wa? Ó pé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà nígbà tí ọlọ́kadà kan wọ ọgbà ilé ìwé wa. Baálẹ̀ abúlé kan lẹ́yìn Kúta ló rán an wá. Wọ́n ti mú olè kan tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù òfìfo wá kó obì ní kùtùkùtù, Lárúbáwá nìkan ló ń sọ lẹ́nu, wọ́n sì ń wá alùfáà tó gbọ́ ọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà náà, mo sì ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún ìyàwó mi tí n bá délé.

A dé oríta náà. Pátákó wà níbẹ̀, ọ̀dà pupa, ọfà sápá ọ̀tún. Ẹ̀ka igi ńlá kan wà nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Mo bi ọlọ́kadà pé, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

Ó ní, "Má gba ibí ni, sà. Igi afárá ti jẹrà. Ọ̀kadà nìkan ló lè fẹ̀gbẹ́ kan kọjá. A ti fi ẹ̀ka yẹn dínà tẹ́lẹ̀, àwa ọlọ́kadà la ń gbé e kúrò."

Ojú ìwé kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló dà wọ́n kọ, MA kan náà. Èyí tó jẹ́ ti ìtọ̀, mo kà á bó ṣe yẹ. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀mí èèyàn, mo fi ìkánjú kà á.

Ọkọ̀ náà wà lórí afárá, ẹsẹ̀ iwájú kan ti wọnú igi, orí ọkọ̀ tẹ̀ sódò. Níwájú ilé baálẹ̀, wọ́n mú ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, wọ́n fi okùn di ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Fìlà rẹ̀ ti sọ nù, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síwájú orí rẹ̀. Táyà ògbólógbòó kan wà lára ògiri, agolo epo bẹntiróòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí baálẹ̀. Ó ní, "Alùfáà, ẹ kú wàhálà. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wá kó obì wa lọ ní àgọ́. Òní yìí, ọkọ̀ òfìfo tún dé ní ìdájí, lọ́nà tí a ní kẹ́nikẹ́ni má gbà. Mo ní ká mú un lọ bá ọlọ́pàá, àwọn ọmọ wọ̀nyí ò fẹ́. Ẹ bá mi bi í, kí ló dé tó gba ọ̀nà tí a kọ̀wé sí? Bí kò bá rí ìdáhùn gidi, agbára mi ò ká wọn mọ́."

Mo yíjú sí i, mo bi í bí baálẹ̀ ṣe wí. Mo bẹ̀rù pé yóò nawọ́ sí mi, mo tún bẹ̀rù pé kò ní nawọ́ sí mi. Ó wò mí lójú. Kò bínú.

Ó ní, "Sọ fún wọn pé mo ka ìkìlọ̀ wọn. Ó wà nínú àpò mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fa ìwé àjákọ náà yọ, ó ṣí i, ó yí i sókè sódò. Lárúbáwá ló rí, ó ní tírà tí wọ́n fi ń jalè ni. Baálẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó sì fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ MA GBA IBI.

"Kí ni wọ́n kọ síbí yìí?"

Yàtọ̀ sí ọkùnrin náà, tí kò gbọ́ Yorùbá, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ tó lè kà á. Bí mo bá ní "má gba ibí" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn yóò gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà ni yóò sì kú. Ojú tì mí pé mo tiẹ̀ rò ó débẹ̀.

Mo ní, "Máa gba ibí ni wọ́n kọ."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, baba. Ó wá bá mi lálàáfíà lánàá pé kí n bá òun ka pátákó yín. Mo lè bi í léèrè dáadáa, n kò bi í. Mo rò pé olè ni. Mo fẹ́ kó tètè kúrò nílé mi."

Gbogbo ojú kúrò lára rẹ̀, ó bọ́ sára mi. Baálẹ̀ ní kí wọ́n tú u. Ẹni tó sún mọ́ táyà náà fi ẹsẹ̀ yí i lọ sẹ́yìn ilé.

Ọkùnrin náà ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí a sọ. Ó bi mí pé, "Kí lo sọ fún wọn tí wọ́n fi tú mi sílẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tí mo ti ní mo rò pé olè ni.