Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìkéde Ikú Ìyá Àgbà

Àwọn ènìyàn mi ní Ìlọ́fà kì í fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Wọ́n á rán ẹni méjì lọ sí àdúgbò àwọn ọkọ, kí wọ́n béèrè bóyá wèrè wà nínú ìdílé, bóyá wọ́n ti mú olè nílé wọn rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ṣe wádìí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wá gba ilẹ̀ wa dá oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n rán ẹni méjì lọ sí Ìlọrin. Wọ́n rí géètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, wọ́n rí mégádì, wọ́n béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀pà níwájú ibẹ̀, ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ìwádìí parí nìyẹn. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé kan tí wọ́n máa fọwọ́ síwèé.

Ilẹ̀ àbúrò bàbá mi wà láàárín ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Igi kajú ló wà níbẹ̀, èyí tí ìyá àgbà, ìyá òun àti bàbá mi, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí gbogbo onílẹ̀ ti gé igi wọn kúrò kí ọjọ́ náà tó pé. Àbúrò bàbá mi pè mí ní ọ́fíìsì mi ní Ìlọrin, nítorí agbẹjọ́rò ni mí.

Ó ní, "Ọmọ mi, éè ṣe pé mo fẹ́ dènà ìlọsíwájú o. Ṣùgbọ́n bá mi wò ó kí n tó gé ugi ìye mi. Ṣé ẹjọ́ éè sí lọ́rùn ọ̀n?"

Mo ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí n bi í, pé kí ló wà nísàlẹ̀ tó gé yẹn, n kò bi í. Mo kàn fi orúkọ tó wà lókè lẹ́tà wá ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo rí orúkọ tó jọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ló fi yàtọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Gbogbo ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé ilé-iṣẹ́ náà ń kó ìwé ọdọọdún rẹ̀ wá fún àjọ. Kò sọ pé ara rẹ̀ le.

Mo tún lọ sí rẹ́jísìtírì ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Ìlọrin, mo sì sanwó ìwádìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ kejì, kò sí iná. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹjọ́ sí wá, mo fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. N kò rí nǹkan kan. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ni àbúrò bàbá mi pè. Ara kan mi, ebi ń pa mí, mo sì dá a lóhùn pé, "Bàbá, kò sí nǹkan kan."

Ó kí mi, ó ṣàdúrà fún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, akọ̀wé wá sí Ìlọrin, ó mú lẹ́tà náà gan-an lọ́wọ́. Mo yí i wò. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà rẹ̀ kì í yí. Mo fi nọ́ńbà náà wá a. Orúkọ mìíràn pátápátá ló jáde, nítorí wọ́n ti yí orúkọ padà, wọ́n kàn ń lo lẹ́tà àtijọ́ ni. Orí mi gbóná. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi jókòó ní rẹ́jísìtírì, ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mò ń wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo san owó àkọsílẹ̀ kíkún ní ọ́fíìsì àjọ. Ó wà níbẹ̀ kedere: báńkì tó gba gbogbo dúkìá ilé-iṣẹ́ náà ní ìdúró fún gbèsè ti yan alákòóso lé e lórí. Èkó ni àdírẹ́sì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ wà, kì í ṣe Ìlọrin, nítorí náà mo bẹ agbẹjọ́rò ọ̀rẹ́ mi kan kó bá mi wo ilé-ẹjọ́ ibẹ̀. Ní Ọjọ́rú ó fi ìdájọ́ kan ránṣẹ́: àwọn onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ti pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbà, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní ahoro, wọ́n sì jàre.

Mo pe alága ẹgbẹ́, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ṣàlàyé pé bí alákòóso bá ti wọlé, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò láṣẹ láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé alákòóso gbà. Pé ó yẹ kí orúkọ alákòóso wà lórí lẹ́tà náà. Pé bí ọ̀rọ̀ bá sì dàrú, a kò lè pè wọ́n lẹ́jọ́ láìgba àyè lọ́wọ́ alákòóso tàbí ilé-ẹjọ́.

Ó ní, "Ohun tí ọ̀n tẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè tẹ ohunkóhun jáde. Ṣé ó wà nínú ìwé ìròyìn?"

Ìwé ìròyìn! Mo fẹ́ jan fóònù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé alákòóso gbọ́dọ̀ kéde ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀rẹ́ mi bá mi wá ọjọ́ tí ìkéde náà jáde. Mo dé ilé ìkàwé, ẹ̀dà ọjọ́ yẹn nìkan ni kò sí. Mo jókòó, mo ń wo ọjọ́ náà nínú ìwé mi, ó jọ pé mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ìkéde ikú ìyá àgbà jáde nínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà ni. Gbogbo wa la dá owó rẹ̀, ojú ewé kan odindi, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ nínú gèlè. Àbúrò bàbá mi fi ewé náà sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo wọ mọ́tò, mo gba Òmù-Àrán lọ sílé. Mo ní kí alága bá mi nílé àbúrò bàbá mi. Mo gbé gíláàsì sọ̀kalẹ̀, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo yí ewé náà padà. Ó wà lẹ́yìn ìyá àgbà, nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ọṣẹ: orúkọ tuntun, nọ́ńbà yẹn gan-an, orúkọ alákòóso. Alága wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ni ìwé." Ó dìde, ó lọ fagi lé ọjọ́ Sátidé.

Inú mi dùn, mo ń retí kí àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ sóko.

Igi tó tóbi jù lọ, èyí tí ìyá àgbà kọ́kọ́ gbìn, ni wọ́n ti gé lulẹ̀. Ewé rẹ̀ ti ń rọ.

Mo pariwo mọ́ ọn. "Bàbá! Kí ló dé tí ẹ ò dúró? Ṣebí ẹ ní kí n wádìí kí ẹ tó gé e!"

Kò bínú. Ó fi ọwọ́ pa kùkùté igi náà.

"Mo dúró," ló wí. "Mo dúró títí ọ fi sọ pé éè sí nǹkan kan."