Ọjọ́ Mẹ́jọ Tó Di Ọdún Méje

Bàbá mi jẹ ìjọ ní gbèsè kó tó kú. Kì í ṣe pé kò lówó lọ́wọ́, inú ló ń bí i. Wọ́n ní kó dá owó òrùlé tuntun, ó bèèrè ibi tí owó òrùlé àkọ́kọ́ wọlé sí, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ó ní títí wọ́n á fi dá òun lóhùn, òun ò san owó oṣooṣù mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò lọ jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú, tí ohùn rẹ̀ kò sì borí tàwọn akọrin. Irú ẹni tó bí mi nìyẹn.

Mo ti lo ọdún mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí tẹligíráàmù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé pé Bàbá ti lọ. Mo gba ààyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́. Mo wọ bàálù dé Èkó, mo wọ mọ́tò dé Àkúrẹ́ tó jẹ́ olú-ìlú wa nígbà náà, mo sì já sí Ìkẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, mo bá ìyá mi nínú aṣọ dúdú. Mo rò pé kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, a ti sin ín. Àfi bí akọ̀wé ìjọ ṣe wọlé pẹ̀lú ìwé ńlá kan lábíyá. Ó ní ìjọ kì í sin ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, àti pé ìgbìmọ̀ tó lè gba owó náà kò ní jókòó títí di ìparí oṣù.

Orí mi gbóná. Mo ní ká wá ìjọ mìíràn, ṣebí Ọlọ́run kan náà ni. Ìyá mi, ọmọ ìlú Ìṣẹ́ tí kì í pariwo, ló dá mi lẹ́kun. Ó ní ibi tí ọkọ òun ti jókòó fún ogójì ọdún ni wọ́n á ti gbé e lọ sí ibojì. Báyìí la ṣe dúró de àwọn àgbà ìjọ.

Níbi tí mo ti ń dúró ni ọjọ́ tó yẹ kí n san owó kan ní Amẹ́ríkà ti kọjá. Kí n tó wálé, mo ti ra fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan níbẹ̀, mo sì ń san owó wọn díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. N kò ní purọ́ pé mo gbàgbé. Mo rántí. Mo tilẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ tẹ tẹlifóònù sí ọ̀gá mi ní ọsibítù láti tọrọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, tẹlifóònù kan náà ì bá sì dé ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ṣùgbọ́n owó ìpè wọ́n bí ojú, ọkàn mi kò sì sí lọ́dọ̀ fíríìjì. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá padà, n ó san oṣù méjì pa pọ̀, n ó fi owó ìtanràn lé e, ọ̀rọ̀ a sì parí.

Ohun tí ìjọ wa ṣe náà kín èrò yìí lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo ka owó ọdún mẹ́ta sílẹ̀ níwájú wọn. Akọ̀wé mú bírò pupa, ó fa ìlà gbọọrọ sórí gbèsè bàbá mi, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó ti san. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àlùfáà ti ń pe Bàbá ní òpó ìjọ lórí pẹpẹ. Omijé wà lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, torí mo mọ̀ pé bí Bàbá bá gbọ́, á tún bèèrè owó òrùlé. A sin ín dáadáa, ilẹ̀ gbà á.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó ṣọ́ọ̀bù náà ti pẹ́ ọjọ́ méjìdínlógójì nígbà tó dé ọwọ́ wọn. Mo san oṣù méjèèjì àti owó ìtanràn, wọ́n gbà á, wọn ò sọ nǹkan kan.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Iṣẹ́ tuntun yọ, ti nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé lọ tọ́jú àwọn arúgbó aláìsàn. Owó rẹ̀ ju èyí tí mo ń gbà lọ dáadáa, ọ̀sán nìkan ni wọ́n sì ń ṣe é. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ òru bọ̀ láti ọdún mẹ́jọ, ẹ̀yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Pẹ̀lú Bàbá tó ti lọ, èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà Màmá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Tèmi ti kú sẹ́yìn ilé. Wọ́n fún mi ní oṣù méjì, bí n kò bá ní ọkọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà.

Mo lọ sí báńkì lọ yá owó ọkọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní rárá. Mo padà lọ bá ọ̀dọ́bìnrin tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, mo ní n kò ní lọ títí yóò fi sọ ìdí rẹ̀. Ó fara balẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní kọ̀ǹpútà máa ń fún kálukú ní máàkì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń san gbèsè rẹ̀, tèmi sì ti bọ́ sábẹ́ ibi tí báńkì wọn fàlà sí. Wọn kì í sọ iye máàkì náà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n owó fíríìjì tó pẹ́ ló fà á.

Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo? Láàárín ọdún mẹ́jọ? Ó ní ohun tó jẹ́ kó já lọ tó bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn, torí tèmi mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, bó bá tún pẹ́ sí i, máàkì rẹ̀ kì í já tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà fi ẹjọ́ ènìyàn sun iléeṣẹ́ àkọsílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń kọ bí gbogbo ará ìlú ṣe ń san gbèsè, àfi tí owó bá pẹ́ tó ọgbọ̀n ọjọ́. Ká ní mo san án ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, owó ìtanràn nìkan ni n bá san, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi kọjá ààlà.

Mo ní ṣebí mo ti san án. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé mo san án, ṣùgbọ́n pípẹ́ tó pẹ́ yóò wà níbẹ̀ fún ọdún méje, láti ọjọ́ tí mo ti kùnà. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kó bà mí lọ́kàn jẹ́, pé bí mo bá ń san gbogbo owó yòókù lásìkò, ìwọ̀n rẹ̀ á máa fúyẹ́ lọ́dọọdún, máàkì mi á sì máa gòkè kí ọdún méje tó pé. Mo ní ní ìlú wa, bírò pupa la fi ń fa ìlà sí i. Ó ní ibí kọ́.

Nítorí pé wọ́n kọ̀ mí, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bèèrè fún un, mo sì kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ ìlà tí wọ́n kọ pípẹ́ mi sí kúrò. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ní òótọ́ ni, ìlà náà sì dúró. Arákùnrin kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ gbọ́, ó ní kí n fún òun ní igba dọ́là, òun mọ bí a ṣe ń pa á rẹ́. Mo bi í pé báwo. Ó ní kí n kọ̀wé pé èmi kọ́ ni mo ra fíríìjì. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Fíríìjì náà wà ní kíṣìnnì mi, omi tútù inú rẹ̀ ló ń mu lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní mo pẹ́, n kò jalè, n kò sì ní sẹ́ ohun tí mo ṣe. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Òfin wọn gba ẹni tí wọn kò bá yanjú àwíjàre rẹ̀ láyè láti kọ ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọ́n á fi sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó má sáà ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ. Kì í yí máàkì padà, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ kà á. Ènìyàn nìkan ló lè kà á. Mo kọ tèmi: Bàbá mi kú. Mo lọ sin ín ní ìlú mi, wọ́n dá wa dúró, owó yín sì pẹ́. Mo ti san án. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, n ó tún lọ sin ín.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àkókò tí wọ́n fún mi láti ní ọkọ̀ tó pé nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù wa. Bàbá kan tó ń lo awò ojú ló ń yẹ fọ́ọ̀mù wò níbẹ̀, ó sì ń ka ìwé látòkè délẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pẹ́, mo sì ti san án, òun lè bá mi gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Ó wá fi ìka sí ìsàlẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí. Wọ́n á ní ẹ tún fẹ́ jẹ gbèsè láìsan.”

Mo ní, “Ẹ tún un kà, sà. Ìsìnkú ni mo ní n ó tún ṣe. Ní ti gbèsè, n ó rántí pe ṣọ́ọ̀bù láti Àkúrẹ́.”

Ó ní iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí gbólóhùn kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ro ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo ro owó Màmá. Mo tún ro ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́ta jókòó níwájú ìjọ láìsan kọ́bọ̀, torí pé ó bèèrè ọ̀rọ̀ tí kò rí ìdáhùn. Mo ní kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí àkókò pé ni wọ́n tó pè mí. Wọ́n yá mi lówó, ṣùgbọ́n èlé tèmi ju tàwọn yòókù lọ, wọ́n sì sọ ọ́ sójú mi pé nítorí máàkì mi ni. Mo buwọ́ lù ú. Mo ra ọkọ̀ náà, mo gba iṣẹ́ náà, kò sì sí oṣù kan tí owó wọn kò dé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Nígbà tí mo tún wálé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí bó ṣe ń gbọ́, ó wá fi ohùn ìlú rẹ̀ bi mí pé:

“Ọdún méje nínú ùwé? Ṣé bàbá rẹ ni wọ́n bá wí ni, àbí fíríìjì?”

Mo ní fíríìjì ni. Ó ní ùlú yẹn le o.

Máàkì mi gòkè bí ọ̀dọ́bìnrin báńkì ṣe wí. Kí ọdún kẹta tó parí, báńkì tó kọ̀ mí ti ń kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá gba káàdì, ìlà yẹn sì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ọdún méje pé, mo bèèrè àkọsílẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà náà ti lọ, kò sẹ́ni tó fa nǹkan sí i lórí, wọ́n kàn yọ ọ́ ni. Mo yí ojú ìwé náà padà, mo wá ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa Bàbá. Òun náà ti lọ.

Mo jókòó, mo sunkún bí ọjọ́ tí tẹligíráàmù dé. Nínú gbogbo bébà tó wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mo ní bàbá, ó sì kú. Mo pe iléeṣẹ́ náà. Obìnrin tó gbé tẹlifóònù ní kò sí ohun tí mo tún fẹ́ ṣàlàyé mọ́, ó ní kí n máa yọ̀, pé àkọsílẹ̀ mi ti mọ́.

Mo ní, “Ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ dá ọ̀rọ̀ bàbá mi padà síbẹ̀.”